Ṣájà àti ẹsitẹ́ńṣọ̀n lórí tábìlì: ohun tí ẹ ń bi mí lójoojúmọ́

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣájà mi ò gba iná lórí tábìlì yìí o."

Ẹ tẹ bọ́tìnnì sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tẹ ti ẹsitẹ́ńṣọ̀n náà. Tí kò bá tíì gbà, ẹ fi ṣájà ẹlòmíì dán an wò. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń parí sí, kò yẹ kí ẹ torí ẹ̀ pè mí dé Tanke.

"Ẹ̀yin lẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pé ká má so ẹsitẹ́ńṣọ̀n mọ́ ẹsitẹ́ńṣọ̀n. Tábìlì tèmi tó jìnnà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì ńkọ́?"

Ẹ sún tábìlì. Tí kò bá ṣeé sún, ẹ wí fún mi, màá wá èyí tí wáyà rẹ̀ gùn. Tí ẹ bá so èkejì mọ́ èkíní, gbogbo ohun tó wà lórí méjèèjì á máa gba ẹnu púlọ́ọ̀gì kan ṣoṣo kọjá, ẹnikẹ́ni ò sì ní ka iye wọn mọ́. Ẹ má sì ká wáyà jọ tì sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ooru rẹ̀ ò ní ríbi gbà jáde.

"Kí ló dé tí ẹ gba láptọ́ọ̀pù mẹ́rin láyè, tí ẹ ò gba kẹ́tùlù kékeré kan?"

Kẹ́tùlù yẹn ò kéré. Ẹ yí i dé, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀. Ṣájà láptọ́ọ̀pù tó wọ́pọ̀ ò ju 65 wáàtì lọ. Mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 260. Kẹ́tùlù tí wọ́n kọ 2000 wáàtì sí ìdí rẹ̀ nìkan ju ìlọ́po méje ìyẹn lọ. Tí ẹ bá fi 230 fóòtì pín in, láptọ́ọ̀pù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fa áńpíà kan àti díẹ̀, kẹ́tùlù ń fa tó 9. Àwọn kan tún rò pé 13 áńpíà tí wọ́n kọ sára ẹsitẹ́ńṣọ̀n, ihò kọ̀ọ̀kan ló ni ín. Rárá o, gbogbo ihò ló jọ ń pín in.

Nítorí náà, ohunkóhun tó ń fi iná mú nǹkan gbóná, kẹ́tùlù ni o, áyọ́ọ̀nù ni o, kò gbọ́dọ̀ dé orí ẹsitẹ́ńṣọ̀n. Kẹ́tùlù ní sọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ lára ògiri kíṣìnnì. Ẹni tó bá fẹ́ mu tíì, kó dìde.

"Ẹnu púlọ́ọ̀gì ẹsitẹ́ńṣọ̀n wa ń gbóná. A ra tuntun, òun náà tún ń gbóná. Bíréékà ò sì já."

Èyí ló fojú mi rí màbo jù nínú ilé yìí, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Òórùn ló kọ́kọ́ dé. Kì í ṣe òórùn èéfín, òórùn ẹja ni. Àǹtí tó ń ta aṣọ lórí fóònù ní tábìlì igun ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Jẹ́bà dé lọ́sẹ̀ náà, ni gbogbo ọ́fíìsì bá gbà pé ẹja Jẹ́bà ló kó sínú dúrọ́ọ̀. Wọ́n ní kó ṣí i. Ó ṣí i: rìsíìtì àti ìwọ̀n téèpù ló wà níbẹ̀. Inú bí i gan-an, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Irú ike funfun líle tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri máa ń rùn bí ẹja tó bá gbóná jù. Tí ẹ bá ń gbọ́ òórùn ẹja níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti gbé ẹja wọlé, ẹ fi imú wá ara ògiri kí ẹ tó fẹ̀sùn kan ọmọlọ́mọ.

Òfin kẹ́tùlù ò tíì sí nígbà yẹn. Kẹ́tùlù kan àti láptọ́ọ̀pù kan ló wà lórí ẹsitẹ́ńṣọ̀n igun náà. Wọ́n ní ayédèrú ni ẹsitẹ́ńṣọ̀n, wọ́n jù ú nù, wọ́n ra òmíràn tó wọ́n jù ú lọ. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ kan lára púlọ́ọ̀gì tuntun náà fi dúdú.

Mo wá gbé ẹsitẹ́ńṣọ̀n tuntun náà, pẹ̀lú ẹrù kan náà, lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì òdìkejì yàrá. Mo ń fi kẹ́tùlù se omi léraléra fún bí 20 ìṣẹ́jú, mo pa bọ́tìnnì, mo yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri, lẹ́yìn náà ni mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó lọ́ wọ́ọ́wọ́ lásán. Mo dá a padà sí igun, mo ṣe bákan náà. Ẹsẹ̀ tó ń wọ ihò apá ọ̀tún gbóná débi pé mi ò lè dì í mú. Ẹsitẹ́ńṣọ̀n kan náà, ẹrù kan náà, ògiri ló yàtọ̀. Ògiri lẹ́bi.

Nígbà tí oníná wa tú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà, ìdè tó di wáyà ọ̀tún mú ti tú, ẹnu wáyà ti dúdú, ike ara rẹ̀ ti súnkì. Bí wọ́n ṣe ń fi wáyà fa púlọ́ọ̀gì yọ dípò kí wọ́n di orí rẹ̀ mú, bẹ́ẹ̀ ni sọ́kẹ́ẹ̀tì ń mì, tí ìdè náà ń tú díẹ̀díẹ̀. Ibi tí wáyà ò bá ti di ara mú dáadáa, iná á máa fi agídí kọjá, ooru ló sì ń dà. Ká ní ìdènà ibẹ̀ ò ju 0.2 óòmù lọ. Nígbà tí kẹ́tùlù bá ń fa 9 áńpíà, 9 × 9 × 0.2 jẹ́ bí 16 wáàtì, gbogbo rẹ̀ lórí ojú kan tí kò tó orí ìka. Tó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù mẹ́rin péré ni, kò tó ìdá mẹ́ta wáàtì kan. Ìdí rèé tí ibẹ̀ fi ń tutù láàárọ̀, tó wá ń rùn nígbà tí wọ́n bá ń se omi tíì.

Bíréékà ò lè já, torí iye iná tó ń kọjá nìkan ló ń wò. Tiwa ń gba 32 áńpíà, kí ló kàn án pẹ̀lú 9? Fíùsì 13 inú púlọ́ọ̀gì náà ò rí nǹkan kan. Ẹ yé é sọ fún mi pé "bíréékà ò já, kò sí wàhálà."

Oníná gé ẹnu wáyà tó jó títí ó fi kan ibi tó ń dán, ó fi sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun síbẹ̀, ó sì ní ká ju ẹsitẹ́ńṣọ̀n tó ti dúdú lẹ́sẹ̀ nù. Ẹsẹ̀ tó ti jó kì í fara kan ara dáadáa mọ́, á kàn ba sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun jẹ́, bí sọ́kẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ṣe ba ẹsitẹ́ńṣọ̀n tuntun jẹ́.

Bí ẹ bá gbọ́ òórùn yẹn, tàbí tí ẹ rí àwọ̀ bíi ti kòkó létí ihò, tàbí tí ẹ gbọ́ tí nǹkan ń ta ṣíṣíṣí nínú ògiri, ẹ pa bọ́tìnnì, ẹ yọ ohun tó wà níbẹ̀, ẹ pè mí. Èyí nìkan ni mo fẹ́ kí ẹ torí ẹ̀ pè mí.

"Ṣé a ò lè fi sìkírúdírébà tú u wò fúnra wa nígbà tí NEPA bá mú iná lọ?"

Ẹ ò gbọ́dọ̀ dán an wò. NEPA, jẹnẹrétọ̀ àti ìnfátà ló ń fún ilé yìí níná. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ìnfátà ti gbà á, wáyà ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì ò sì kú. Ẹni tó bá tilẹ̀ pa bíréékà NEPA, kò tíì pa ti ìnfátà. Oníná ń pa gbogbo rẹ̀, á tún fi tẹ́sítà wò ó kó tó fọwọ́ kàn án. Iṣẹ́ tiyín ni kí ẹ lẹ bébà mọ́ ọn pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ lò ó.

"Páwà báńkì mi wú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ṣé mo lè fi í sórí iná di ọ̀la?"

Rárá. Ẹ yọ ọ́ nísinsìnyí. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ kó lè padà sípò, ẹ má gún un, ẹ má sì jù ú sínú garawa ìdọ̀tí wa. Ẹ gbé e sórí sìmẹ́ńtì níta, níbi tí kò sí bébà àti oòrùn, kí ẹ fi tó mi létí. Èyí tí kò tíì wú náà ò gbọ́dọ̀ sùn sórí iná níbí: ẹni tó bá kẹ́yìn jáde lálẹ́ ni yóò yọ gbogbo ṣájà tó bá bá lórí tábìlì, ìbáà jẹ́ ti ọ̀gá.