Bí A Ṣe Ń Wá Àmì Kan Ṣoṣo Tó Ba Ìròyìn Owó Yíyá Ẹgbẹ́ Jẹ́

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni ma fi ṣe àpẹẹrẹ. Òfin wọn sọ pé ẹni tí gbèsè rẹ̀ bá ti fi 30 ọjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kọjá ọjọ́ ìsan, orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde nínú ìròyìn. Ní ìparí oṣù Karùn-ún, ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wà níta ló wà lọ́rùn irú wọn. Nígbà tí oṣù Kẹfà parí, ó já sí 5. Inú ìgbìmọ̀ dùn, wọ́n ti ń sọ ọ́ pé àwọn yóò fi kún iye tí ọmọ ẹgbẹ́ lè yá. Ọmọbìnrin tó ń bá wọn tú ìṣirò wò nìkan ni kò pàtẹ́wọ́.

"Bàbá Akápò, ẹ jọ̀wọ́ sà, ta ló san?"

"San kí ni?"

"Gbèsè tó lọ yìí. Ó yẹ kó ti wọ báǹkì."

Bàbá ṣí ìwé báǹkì. Owó tó wọlé kò ju ti oṣù tó ṣáájú lọ.

Ibẹ̀ ni kí ẹ̀yin náà ti bẹ̀rẹ̀: ẹ fi ìròyìn wé ìwé báǹkì kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì, kí ẹ sì ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà. Bí ẹ kò bá ní Excel, LibreOffice Calc ń ṣe iṣẹ́ kan náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má fi fóònù ṣe é. Àmì tí à ń wá kéré jù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́ nìyí. Wọ́n á ní akọ̀wé ló kọ orúkọ fò, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìlà kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ á fi ṣú, ìjà á sì dé. Àwọn mìíràn á tẹjú mọ́ fọ́múlà, wọ́n á rí 30 níbẹ̀, wọ́n á ní ó pé. Ojú kì í rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi bíírò pupa kọ òfin ẹgbẹ́ sórí ìwé bó ṣe wà gan-an, "tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ" kò gbọdọ̀ sọnù. Lẹ́yìn náà, ẹ pín owó sí ọ̀nà mẹ́ta. D ni owó tó kù lọ́rùn onígbèsè, F ni iye ọjọ́ tó ti kọjá ọjọ́ ìsan:

```
=SUMIFS(D2:D181,F2:F181,"<30")
=SUMIFS(D2:D181,F2:F181,"=30")
=SUMIFS(D2:D181,F2:F181,">30")
```

Ọmọbìnrin náà rí ₦5,440,000, ₦640,000 àti ₦320,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦6,400,000, ó bá ìwé ẹgbẹ́ mu. Bí tiyín kò bá bára mu, ẹ wá àpótí tó ṣófo ní F, tàbí èyí tí ẹnì kan ti kọ "ọjọ́ 45" sí dípò 45.

Fọ́múlà kẹta ló wà nínú ìròyìn. ₦640,000 tó dúró sórí 30 gan-an ti bọ́ sílẹ̀ láàárín asẹ́. Kí ló dé tí owó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lórí ọjọ́ kan ṣoṣo? Ìparí oṣù ni gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ń san owó wọn. Láti 31 oṣù Karùn-ún sí 30 oṣù Kẹfà, ọjọ́ 30 géérégé ni. Ṣùgbọ́n láti 30 oṣù Kẹrin sí 31 oṣù Karùn-ún, ọjọ́ 31 ni, `>30` sì mú wọn. Ìdí nìyẹn tí àṣìṣe náà fi sá pamọ́ ní oṣù tó ṣáájú.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju àmì kan lọ:

```
=SUMIFS(D2:D181,F2:F181,">=30")
```

Ó di ₦960,000, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ ṣọ́ra o: bí ẹ bá kọ ọ́ sódì, `=>30`, kọ̀ǹpútà kò ní pariwo. Yóò kàn fún yín ní 0, ẹ ó sì rò pé gbogbo ènìyàn ti san gbèsè. Mo ti rí ẹni tó gbé irú ìyẹn lọ síwájú ìpàdé. Ẹ tún wo àwọn síìtì mìíràn tí wọ́n ti da fọ́múlà náà kọ, nítorí kì í dúró sójú kan.

Oṣù Kejì ṣì wà níbẹ̀. Láti 31 oṣù Kìn-ín-ní sí 28 oṣù Kejì, ọjọ́ 28 péré ni, `>=30` kò ní mú ẹnikẹ́ni tó fo owó ìparí oṣù Kìn-ín-ní. Ohun tí mo máa ń ṣe, tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà máa ṣe, ni pé kí òpó kan máa ka iye oṣù tí ènìyàn kò san, kí asẹ́ sì máa wo 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ìpàdé gbogbogbòò ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí ọ̀rọ̀ òfin padà. Akọ̀wé kò lè dá a ṣe nínú síìtì.