Ẹ Yọ Òdo Iwájú Kẹ́ Ẹ Tó Kọ 234

Ká ní ìdílé kan l'Ákùrẹ́ lọ tẹ káàdì ìgbéyàwó lójú ọ̀nà Ọ̀yẹ́mẹ́kùn, tí wọ́n sì kọ nọ́ńbà àfiṣàpẹẹrẹ yìí sísàlẹ̀ rẹ̀ fáwọn ará òkè òkun:

```
+2340801 234 5678
```

Káàdì náà lè rẹwà o, àmọ́ ìpè lè má wọlé. Ẹni tó kọ ọ́ mú 08012345678 bó ṣe wà, ó kàn lẹ 234 mọ́ ọn níwájú. Òdo ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ń sọ fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa pé abẹ́lé ni ìpè ń lọ. Ìpè tó bá ti òkèèrè wá ò nílò rẹ̀, 234 ló ń mú un wọ Nàìjíríà. Ẹ yọ òdo náà kúrò kẹ́ ẹ tó kọ 234:

```
+234 801 234 5678
```

Ẹ ka ẹyọ tó wà lẹ́yìn àmì plọ́ọ̀sì. Nọ́ńbà fóònù alágbèéká Nàìjíríà gbọ́dọ̀ jẹ́ 13. Tó bá di 14, òdo ṣì wà níbẹ̀. Òdo iwájú nìkan la ń yọ o. Èyí tó wà láàárín 8 àti 1 yẹn, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Àwọn kan máa ń kọ +234 (0) 801. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ò mọ̀ bóyá kóun tẹ òdo inú àkámọ́ yẹn tàbí kóun fò ó. Ẹ má sì kọ 009234 fún un. 009 la fi ń pe òkèèrè láti Nàìjíríà. 00 ni tiwọn ní Gẹ̀ẹ́sì, 011 ni ti Amẹ́ríkà. Àmì plọ́ọ̀sì ń ṣiṣẹ́ gbogbo wọn lórí fóònù alágbèéká. Lórí ìlínkì Wọ́sáàpù nìkan la kì í kọ plọ́ọ̀sì:

```
wa.me/2348012345678
```

Èyí tó ń ṣini lọ́nà jù ni nọ́ńbà táwọn ọmọ wa ń fi ránṣẹ́ láti Gẹ̀ẹ́sì. Tiwọn náà jẹ́ ẹyọ 11, òdo ló sì bẹ̀rẹ̀. Ìyá á rí 07, á rò pé ti Nàìjíríà ni, á sì fi 234 sí i. Ẹ wo ẹyọ kẹta. Tiwa tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 07, 070 ló máa ń jẹ́. Tẹ́ ẹ bá rí 074, 075, 077, 078 tàbí 079 lọ́dọ̀ ọmọ tó wà lọ́hùn-ún, ẹ yọ òdo, kẹ́ ẹ fi +44 sí i. Tí kò bá dá yín lójú, ẹ ní kó fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ pẹ̀lú plọ́ọ̀sì níwájú, kẹ́ ẹ sì tọ́jú rẹ̀ bẹ́ẹ̀.