Bí mo ṣe tún ìwé ilé búrẹ́dì àǹtí mi ṣe n'Ìlẹ́ṣà

Àǹtí mi ní ilé búrẹ́dì n'Ìlẹ́ṣà, kò jìnnà sí ọjà Atàkúnmọ̀sà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pa ìwé ọdún dé, ìwé ní wọ́n pàdánù ₦700,000, bẹ́ẹ̀ búrẹ́dì kì í ṣẹ́kù lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti ń sọ pé àwọn máa dá ọmọ iṣẹ́ méjì dúró, ìyẹn ló jẹ́ kí n jókòó ti ìwé náà.

Mo gbé ìnáwó ọdún tó kọjá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tọdún yìí. Gbogbo ẹ̀ sún mọ́ra àfi àtúnṣe ẹ̀rọ, ₦310,000 ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, ó wá di ₦2,850,000. Tíráyà bálánsì, àkójọ gbogbo àkáǹtì, gún régé o, torí dẹ́bíìtì àti kírẹ́díìtì bára mu, àkáǹtì tí wọ́n kọ owó kan sí ni ò tọ́, kò sì lè fi ìyẹn hàn yín láé. Mo bá ní kí wọ́n kó rìsíìtì jáde.

Jẹnẹrétọ̀ tuntun ló wà níbẹ̀! ₦2,400,000 ni wọ́n rà á lóṣù kìíní, ọkọ̀ tó gbé e wá gba ₦60,000, wáyà àti sìmẹ́ǹtì tí wọ́n gbé e kà gba ₦140,000. Ìnáwó kápítà, ìyẹn owó ohun tó máa pẹ́ lò, ni gbogbo ẹ̀, àtọkọ̀ àti wáyà, torí láìsí wọn jẹnẹrétọ̀ ò lè ṣiṣẹ́. A gbà pé á lò tó ọdún 5, kò sì ní níye lórí mọ́ lẹ́yìn ẹ̀, nítorí náà ₦520,000 péré ló yẹ kí ọdún yìí ru nínú ₦2,600,000 yẹn.

Mo dẹ́bíìtì àkáǹtì ẹ̀rọ, mo kírẹ́díìtì àtúnṣe ní ₦2,600,000, mo wá kọ ₦520,000 sílẹ̀ bí ìnáwó gbígbó ẹ̀rọ fún ọdún yìí. (Ká ní wọ́n ti pa ìwé ọdún yẹn dé ni, àkáǹtì kápítà, ìyẹn owó àǹtí mi nínú iṣẹ́ náà, tó ṣí ọdún tuntun ni ǹ bá tún ṣe.) Mo tún rí òdìkejì ẹ̀: sáfíìsì jẹnẹrétọ̀, ọ́yìlì àti fíítà, ₦90,000, wọ́n kọ ọ́ mọ́ iye ẹ̀rọ! Ìyẹn ò fi kún nǹkan kan, ó kàn ń jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lọ ni, mo dá a padà sí àtúnṣe. Àtúnṣe wá di ₦340,000, ó jọ tọdún tó kọjá.

Àdánù ₦700,000 di èrè ₦1,290,000, iye ohun ìní náà sì fi ₦1,990,000 lọ sókè. Ká ní a fi í sílẹ̀ ni, fún ọdún 4 tó ń bọ̀, èrè á máa fi ₦520,000 pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ lọ́dọọdún, torí jẹnẹrétọ̀ á máa ṣiṣẹ́ láì ru nǹkan kan.

Àǹtí bi mí pé, "Níbo wá ni owó èrè yẹn wà?" Mo ní, "Ẹ wo ẹ̀yìnkùlé, ẹ máa gbọ́ ohùn ẹ̀." Owó báńkì ò yí padà rárá. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní kí àwọn ọmọ méjèèjì wá síṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé.