Bí a ṣe ń mu ẹlẹ́rìndòdò aláìní-ṣúgà tí eyín kò fi ní yọ́

Ẹ kọ́kọ́ wo ara agolo, kí ẹ mọ irú adùn àtọwọ́dá tí wọ́n fi rọ́pò ṣúgà. E951 ni asipatéèmù, E955 ni súkúrálóòsì, E954 ni sakarínì. Inú ìfun kékeré ni asipatéèmù ti ń túká tí ara sì ń gbà á, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú súkúrálóòsì ló ń dé ìfun ńlá, níbi tí bakitéríà pọ̀ sí. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Ísírẹ́lì, tó jáde ní 2022, pẹ̀lú 120 àgbàlagbà, àwọn adùn àtọwọ́dá tí wọ́n yẹ̀ wò yí bakitéríà inú ìfun padà. Súkúrálóòsì àti sakarínì tún da bí ara ṣe ń ṣètò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rú. Kì í ṣe ara gbogbo ènìyàn ló ṣe bákan náà. E951 ni kí ẹ mú, àfi ẹni tí a bí àrùn fẹ́níkẹtonúríà mọ́, tí ara rẹ̀ kò lè túká èròjà kan tó ń jáde láti inú asipatéèmù.

Ẹ mu ún mọ́ oúnjẹ, kí ó sì tán láàárín ìṣẹ́jú 15. Bí sitirọ́ọ̀ bá wà, ẹ jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ kọjá eyín iwájú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́ rèé: wọ́n á mu ún tán, wọ́n á sáré lọ fọ ẹnu. Wọn kò mọ̀ pé bí kò tilẹ̀ sí ṣúgà nínú kólà, ásíìdì fọ́sífọ́ríkì wà níbẹ̀. pH rẹ̀, òṣùwọ̀n tó ń lọ sílẹ̀ bí ásíìdì bá ṣe ń le sí i, sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 3, bẹ́ẹ̀ sì ni awọ líle tó bo eyín ti ń yọ́ bí ẹnu bá ti lọ sísàlẹ̀ 5.5. Lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e mì, òkè awọ yẹn ti rọ̀. Búrọ́ọ̀ṣì tó bá kàn án lásìkò yẹn yóò họ ọ́ kúrò, kò sì ní hù mọ́. Orín náà ń họ ọ́, ẹ má tan ara yín.

Omi lásán ni kí ẹ fi yọ ẹnu. Bí ó bá kan gan-an, ẹ po ìdajì ṣíbí tíì béékìn sóódà mọ́ ife omi kan, ẹ fi yọ ẹnu, ẹ tu ú dànù. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró fún wákàtí kan kí itọ́ lè ṣiṣẹ́ tirẹ̀, kí ẹ tó mú búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti ọṣẹ ìfọyín tó ní fúlóráìdì. Ẹni tó ń fà á díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ kò fún itọ́ láyè rárá. Agolo kan ṣoṣo yẹn burú ju méjì tí a mu tán lórí oúnjẹ lọ.

Ní ti ebi, agolo oníṣúgà 33cl ní nǹkan bíi gíráàmù 35 ṣúgà, ìyẹn kálórì 140. Ẹni tó yẹra fún un, tó wá jẹ ègé búrẹ́dì méjì lé e pé òun ti “fi ṣúgà sílẹ̀”, ti gbà á padà. Ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí a má fi adùn àtọwọ́dá wá bí a ó ṣe fọn. Bí ẹnu bá ń wá nǹkan lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà ló tó.

Ẹ máa wo etí eyín iwájú nínú dígí. Bí ó bá ń dà bí èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, tí omi tútù sì ń ta á, yíyọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ lọ rí dókítà eyín.