Èló lẹ pe ọjà tó kù nílẹ̀? Àṣìṣe tó ń da owó orí rú

Àwọn oníṣòwò aṣọ wa ní Ìtòkú ló jẹ́ kí n kọ eléyìí o, torí ibi kan náà ni ìwé ìṣirò wọn ti máa ń dàrú: sítọ́ọ̀kì tó kù lópin ọdún, èló ni ká pè é?

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan tó ń ta aṣọ funfun fáwọn aládìrẹ ṣe àpẹẹrẹ. Ó ra bọ́ńdùlù 10 ní ₦40,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tó padà lọ ọjà ti gbówó lórí, ó ra 10 míì ní ₦60,000. Ó ta 12 ní ₦80,000, owó tó wọlé jẹ́ ₦960,000, ó ku 8.

Tó bá ní èyí tó kọ́kọ́ wọlé ló kọ́kọ́ jáde, 10 olówó pọ́ọ́kú ló máa kà tán kó tó fi 2 olówó ńlá kún un. Iye tó fi ra èyí tó tà jẹ́ ₦520,000, èrè ₦440,000. Tó bá jẹ́ ìpíndọ́gba, ₦50,000 ni bọ́ńdùlù kan, èrè ₦360,000 péré. Ìyàtọ̀ ₦80,000, kò sì sí nínú báàgì rẹ̀ rárá, inú aṣọ 8 tó wà nílẹ̀ ló wà, àmọ́ owó orí máa wá bá a níbẹ̀.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ rèé: kéèyàn rò pé ìpíndọ́gba ti gbà òun lọ́wọ́ owó orí. Rárá o. Tó bá ta 8 yẹn lọ́dún kejì ní iye kan náà, ìpíndọ́gba máa fún un ní èrè ₦240,000, ọ̀nà èyí tó kọ́kọ́ wọlé ló kọ́kọ́ jáde máa fún un ní ₦160,000. Ẹ ròó pọ̀, ₦600,000 ni méjèèjì. Ó kàn sún un síwájú ni, èmi sì fara mọ́ ọn nígbà tọ́jà bá ń wọ́n, ṣùgbọ́n tọ́jà bá já wálẹ̀ ó máa yí padà.

Èyí tó burú jù ni ká máa fo láti ọ̀nà kan sí èkejì. Ẹnìkan á fi ìpíndọ́gba pe aṣọ 8 tó kù ní ₦400,000 lópin ọdún, tó bá di January á fi ọ̀nà èyí tó kọ́kọ́ wọlé ló kọ́kọ́ jáde kọ ₦480,000 pé ohun tóun fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. ₦80,000 ti pòórá nínú èrè nìyẹn! Òṣìṣẹ́ owó orí tó mọṣẹ́ á kàn fi ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó parí.

Òmíràn, ẹ má kàn ro iye méjì pọ̀ kẹ́ ẹ pín in sí méjì. Nínú àpẹẹrẹ yìí ó bọ́ sí i torí 10 àti 10 ni. Tó bá jẹ́ 30 ló rà lẹ́ẹ̀kejì ńkọ́? ₦2,200,000 ló ná lórí 40, ìyẹn ₦55,000, kì í ṣe ₦50,000. Ẹ fi ₦50,000 lọ́nà 40 wò, ₦2,000,000 ló máa jáde, ₦200,000 ti sọnù lójú ìwé yín.