Bí Sẹ́ńsọ̀ Ilé Òròmọdìyẹ Bá Ń Ka Ìkàkúkà: Rẹsísítọ̀ àti Gígùn Wáyà I2C

Ìwé yìí wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń sin òròmọdìyẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti agbègbè rẹ̀, tí ẹ ń fi bọ́ọ̀dù ESP32 àti sẹ́ńsọ̀ SHT31 ṣọ́ ooru. Bí sẹ́ńsọ̀ náà bá kà dáadáa fún wákàtí mélòó kan, tó wá ṣàdédé sọ pé ooru jẹ́ 130 tàbí -45, ẹ má tíì ra òmíràn. Nọ́ńbà méjèèjì yẹn kì í ṣe ooru rárá. SHT31 máa ń fi 130 hàn bí gbogbo ohun tó dé ọ̀dọ̀ bọ́ọ̀dù bá jẹ́ 1, ó sì máa ń fi -45 hàn bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ 0, tí ètò inú bọ́ọ̀dù kò bá yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gbà á. Wáyà ni kò jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an. Ewu rẹ̀ ni pé òròmọdìyẹ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ń fẹ́ ooru bí 32 sí 35, bọ́ọ̀dù tó bá sì gba 130 gbọ́ yóò pa gílóòbù lóru ọyẹ́.

I2C ni ọ̀nà tí sẹ́ńsọ̀ àti bọ́ọ̀dù ń gbà bára wọn sọ̀rọ̀, wáyà méjì ló sì ń gbé ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. SDA ń gbé iṣẹ́, SCL ń ka àkókò fún un. Sẹ́ńsọ̀ àti bọ́ọ̀dù kò lè ṣe ju kí wọ́n fa wáyà wá sílẹ̀ sí òdo. Bí wọ́n bá jọ̀wọ́ rẹ̀, rẹsísítọ̀ tí a so mọ́ 3V3 ló ń gbé e padà sókè. Ẹ fi wé ẹ̀rọ omi tó ń pọn omi sínú garawa: bí wáyà bá ṣe gùn tó ni garawa ṣe tóbi tó, bí nọ́ńbà rẹsísítọ̀ bá sì ṣe pọ̀ tó ni ẹnu ẹ̀rọ ṣe há tó. Bí garawa kò bá tètè kún, bọ́ọ̀dù á ti wo inú rẹ̀ kó tó kún.

Ní oko kan lójú ọ̀nà Ìlọrin, wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì mítà 4 ni wọ́n fi so sẹ́ńsọ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù. pF la fi ń wọn ìtóbi garawa yẹn. Mítà kan irú wáyà bẹ́ẹ̀ ń gba nǹkan bíi 50 pF sára, ti mítà 4 wá jẹ́ 200 pF. A fi 40 pF kún un fún bọ́ọ̀dù, sẹ́ńsọ̀ àti ojú ìsopọ̀, ó di 240 pF. Rẹsísítọ̀ tó wà lára sẹ́ńsọ̀ jẹ́ 10k. Àkókò tí wáyà fi ń gòkè nìyí, R ni rẹsísítọ̀, C ni pF náà:

```
t = 0.8473 × R × C
0.8473 × 10000 × 240 pF = 2033 ns
```

Bí I2C bá ń sáré 100 kHz, àkókò yìí kò gbọ́dọ̀ kọjá 1000 ns. Tiwọn ti lé ní ìlọ́po méjì, síbẹ̀ ó ń kà, nítorí pé wáyà ṣì ń dé òkè kí bọ́ọ̀dù tó wò ó. Ìgbà tí mọ́tò pọ́ǹpù omi bá gbéra ni ariwo iná rẹ̀ ń ba ìgòkè lílọ́ra yẹn jẹ́. Ìdí nìyẹn tí àṣìṣe fi ń wá, tó ń lọ.

A so 4.7k kan láàárín SDA àti 3V3, òmíràn láàárín SCL àti 3V3. Pẹ̀lú 10k tó ti wà níbẹ̀, àpapọ̀ wọn di 3.2k, t sì bọ́ sí nǹkan bíi 650 ns. Ẹ má so ó mọ́ 5V, nítorí 3.3V ni ESP32 ń lò.

Ẹ má sì ro pé bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dára tó. Lórí 3.3V, bí àpapọ̀ rẹsísítọ̀ bá wá sísàlẹ̀ 1k, agbára sẹ́ńsọ̀ lè má ká fífa wáyà dé òdo mọ́. Sẹ́ńsọ̀ márùn-ún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbé 4.7k wá ti di 940 óòmù kí ẹ tó fi ohunkóhun kún un. Ẹ pa iná, ẹ yọ wáyà kúrò lára bọ́ọ̀dù, kí ẹ fi mítà wọn óòmù tó wà láàárín SDA àti 3V3. Ohun tí ẹ bá rí ni àpapọ̀ tó wà níbẹ̀ gan-an.

Ní ti gígùn, 400 pF ni òpin I2C. Bí a bá yọ 40 kúrò, ó ku 360, ìyẹn nǹkan bíi mítà 7 wáyà yìí. Èmi kì í kọjá 5. Bí ilé adìyẹ bá gùn jù bẹ́ẹ̀, ẹ gbé bọ́ọ̀dù sún mọ́ sẹ́ńsọ̀, kí Wi-Fi máa gbé ọ̀rọ̀ lọ, tàbí kí ẹ fi PCA9615, ìyẹn ṣíìpù tó ń mú ọ̀rọ̀ I2C rìn jìnnà, kan sí ìbẹ̀rẹ̀ wáyà, òmíràn sí òpin rẹ̀. Ẹ má ṣe lọ́ SDA àti SCL pọ̀ bí ìbejì nínú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, torí èkíní á máa da èkejì láàmú. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní GND tirẹ̀.

Kí ẹ tó ra rẹsísítọ̀ rárá, ẹ dẹ eré náà wò:

```
Wire.setClock(20000);
```

Bí ìkàkúkà bá dáwọ́ dúró, ìgòkè wáyà ló ń lọ́ra. Bí kò bá dáwọ́ dúró, ẹ yẹ ojú ìsopọ̀ wò. Amóníà tó ń jáde láti inú ìgbẹ́ adìyẹ máa ń jẹ kọ́pà, ibi tó bá sì ti di àwọ̀ ewé, ẹ gé e kúrò, kí ẹ fi òjé tún un jó pọ̀.