Bí A Ṣe Ń Wọn Ohùn, Orin àti Ìró Inú Fíìmù Kí Òǹwòran Má Baà Máa Yí Fóònù Sókè-Sódò

Fíìmù tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ gùn tó ìṣẹ́jú 12. Agbo ilé kan ní Òjé ni wọ́n ti yà á: ìyá méjì jókòó, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìkómọ fún ìṣẹ́jú 9, lẹ́yìn náà ni orin aríyá gba ìṣẹ́jú 3 tó kù. Ọmọkùnrin tó tò ó gbé e wá bá mi ní Mọ́kọ́lá tayọ̀tayọ̀, nítorí pé mítà rẹ̀ ka -15 LUFS, ó sì ti gbọ́ pé -14 ni Yútúùbù ń lò. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi fóònù wò ó, a ní láti gbé ìró dé òkè pátápátá kí a tó gbọ́ ohun tí àwọn ìyá náà ń sọ, orin sì bẹ́ sí wa létí lójijì bí ẹni pé àrá sán.

LUFS ni òǹkà tí a fi ń mọ bí ìró ṣe pọ̀ tó ní etí ènìyàn. Bí òǹkà náà bá ṣe ń sún mọ́ òdo ni ìró ń pọ̀ sí i, nítorí náà -10 pariwo ju -20 lọ. Bí fíìmù bá pariwo ju -14 lọ, Yútúùbù yóò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀; bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, kì í sábà gbé e sókè. Àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Yúróòpù ní tiwọn ń lo -23, nítorí náà ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè òǹkà tiwọn.

Ibi tí ọmọkùnrin yìí ti kọsẹ̀ ni pé òǹkà gbogbo fíìmù kì í sọ ibi tí ohùn wà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo wọ̀n wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ àwọn ìyá wà ní -20, orin sì wà ní -10. dB ni a fi ń ka ìyàtọ̀ láàárín ìró méjì, ìyàtọ̀ dB 10 sì túmọ̀ sí pé agbára orin jẹ́ ìlọ́po 10 ti ọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú 3 orin wá wúwo bí ìṣẹ́jú 30 ọ̀rọ̀, ó sì fa òǹkà gbogbo fíìmù sókè sí -15, bẹ́ẹ̀ ni ìṣẹ́jú 9 tí fíìmù náà dá lé lórí ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ohùn ni mo máa ń kọ́kọ́ wọ̀n, mi ò sì ní fọwọ́ kan orin títí ohùn yóò fi dúró dáadáa.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yan ibi kan tí ẹ óò gbé bọ́tìnnì sípíkà yín sí, kí ẹ fi ìlẹ̀mọ́ funfun sàmì sí i, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án mọ́ títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ẹni tó bá ń gbé sípíkà sókè ní ibi tí ohùn kò ti jáde kò ní rí àṣìṣe náà, etí rẹ̀ ti bò ó mọ́lẹ̀. Sípíkà olówó iyebíye kò pọn dandan. Hẹ́dífóònù oníwáyà tó bo gbogbo etí tó fún iṣẹ́ yìí, ó sì sàn ju àwọn kéékèèké aláìníwáyà lọ.

Ẹ pa gbogbo ìlà ìró tó kù nínú ètò tí ẹ fi ń to fíìmù, kí ohùn nìkan ṣẹ́ kù. Ẹ gé ìró ìsàlẹ̀ tí kò tó 80 Hz, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú ìdún jẹnẹrétọ̀ máa ń sá pamọ́ sí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ gbé gbólóhùn tó rẹlẹ̀ sókè, kí ẹ sì rẹ èyí tó ga sílẹ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń gba àkókò, mo mọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó bá gbé Compressor, ohun èlò tó ń tẹ ìró tó ga mọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, lé e lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ohùn wọn máa ń dún bí ẹni tí ń mí sínú ìkòkò. Tí ẹ bá ti fi ọwọ́ tò ó tán, Compressor tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní dB 3 tàbí 4 péré ti tó. Ohùn nìkan yẹ kó wà ní nǹkan bí -16 ní ìparí, kí àyè lè wà fún igbe àti ẹ̀rín.

Orin abẹ́ ọ̀rọ̀ ni ó ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́. Ẹni tó tò fíìmù ti há ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sórí, nítorí náà yóò máa gbọ́ ọ bí orin tilẹ̀ bò ó, òǹwòran kò sì ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí orin kò ti dún rárá, mo ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí n ó fi gbọ́ ọ, n ó sì wá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní dB 3. Ní gbogbogbòò, orin tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú gbọ́dọ̀ fi dB 15 rẹlẹ̀ sí ohùn. Ti gángan yàtọ̀ pátápátá. Gángan ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ti ń ṣe, etí Yorùbá yóò sì máa wá ìtumọ̀ ohun tó ń wí bí ẹ tilẹ̀ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Nínú fíìmù Òjé yìí, onílù ń ki oríkì lábẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn ìyá. A yọ ọ́ kúrò pátápátá níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, a sì jẹ́ kó dáhùn ní àárín gbólóhùn. Orin tí wọ́n ń fi ẹnu kọ náà kò yẹ lábẹ́ ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí orin bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀ ní ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kó sì fi ìṣẹ́jú-àáyá méjì gòkè padà. Tó bá já lójijì, gbogbo ènìyàn ni yóò mọ̀ pé ọwọ́ kan ń fà á. Ní ti ìlẹ̀kùn, ẹsẹ̀ àti àrá, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìkankan fi ohun tó ju dB 6 lọ ga ju ohùn.

Ìgbà yìí ni ẹ óò tó wọn gbogbo rẹ̀ pọ̀. Youlean Loudness Meter ọ̀fẹ́ ń ṣe é, ṣùgbọ́n àṣẹ ffmpeg yìí, tí mo ń tẹ̀ sínú tẹ́mínà kọ̀ǹpútà, ni èmi máa ń lò:

```
ffmpeg -i fiimu.mp4 -af ebur128=peak=true -f null -
```

Níparí, ẹ wo `I`, èyí ni òǹkà gbogbo fíìmù, àti `Peak`, ibi tí ìró ti ga jù lọ, èyí tí kò gbọdọ̀ ga ju -1 lọ. Nínú fíìmù Òjé, a gbé ohùn sókè ní dB 4, ó di -16. A rẹ orin aríyá sílẹ̀ ní dB 7, ó di -17. Gbogbo rẹ̀ ka nǹkan bí -16. A wá gbé gbogbo rẹ̀ sókè ní dB 2, pẹ̀lú Limiter, ohun èlò tí kì í jẹ́ kí ìró kọjá ààlà, tí a fi ààlà rẹ̀ sí -1, ó sì bọ́ sí -14. Ṣe ẹ rí i pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohùn àti orin ti di dB 1 péré? Tí Limiter bá ń gé ju dB 4 lọ níbi igbe, ohùn yóò máa fọ́. Ẹ padà lọ rẹ igbe náà sílẹ̀ lórí ìlà tirẹ̀.

Ẹ gbé e sínú fóònù, ẹ wọ Máíkírà láti Mọ́kọ́lá dé Dùgbẹ̀, kí ẹ sì gbé ìró sí ibì kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kò bá gbọ́ nínú ọkọ̀, ẹ kọ ìṣẹ́jú rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ padà lọ tún un ṣe. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé fíìmù sórí Yútúùbù, ẹ tẹ fídíò náà lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ yan Stats for nerds. Tí content loudness bá wà nítòsí 0, òǹkà yín àti tiwọn dọ́gba. Tó bá jẹ́ -5, dB 5 ni ẹ fi rẹlẹ̀, wọn kò sì ní bá yín gbé e sókè.